Ọṣẹ Dúdú Kò Lẹ́nu: Ohun Tó Yẹ Kí O Kọ Sábẹ́ Àwòrán Rẹ̀, àti Ohun Tí Kò Yẹ

Ẹni tó fẹ́ ra ọṣẹ dúdú lọ́jà kì í ka nǹkan kan. Á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á gbé e sí imú, á bi ìyá ọlọ́ṣẹ pé eérú kí ni wọ́n fi sè é. Lórí fóònù, kò sí ọwọ́, kò sí imú. Àwòrán kan ló rí, àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa bá a tẹ ọṣẹ náà, òun náà ló máa bá a gbóòórùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ lórí Wọ́sáàpù, èmi ni mò ń bá a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí: “Ojúlówó ọṣẹ dúdú ìbílẹ̀, àtàtà, ó ń ṣe ara lóore. Ẹ kàn sí wa.” Àwọn èèyàn kàn sí wa lóòótọ́. Ìbéèrè ni wọ́n gbé wá, wọn ò gbé owó wá. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tún fọhùn mọ́ lẹ́yìn tí a dá wọn lóhùn.

Ṣe: kó ìbéèrè inú fóònù rẹ jọ kí o tó kọ ohunkóhun

Padà sínú ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ogún oníbàárà tó kẹ́yìn jọ sọ, kí o da ìbéèrè wọn kọ sínú ìwé. Tiwa já sí márùn-ún. Báwo ló ṣe tóbi tó? Ṣé kò ní kọ́sítíìkì? Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣeé fi wẹ ọmọ ọwọ́? Èló ni, pẹ̀lú owó tí wọ́n máa fi gbé e wá? Ìbéèrè tí ẹni mẹ́ta bá ti bi ọ́, ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àwòrán. Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo bi, dá a lóhùn ní kọ̀rọ̀.

Má ṣe: fi ìyìn bẹ̀rẹ̀

“Ojúlówó” ni ẹni tó ń ta ayédèrú náà ń kọ. Ohun tí ọjà náà jẹ́ ni kí o fi síwájú: “Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú èèpo kòkó àti àdín sè, 250 gíráàmù, fún ara àti irun.” Ẹni tí kò ka ju ìlà yẹn lọ ti mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ.

Ṣe: dárúkọ eérú, kí o sì dárúkọ epo

Ọ̀pọ̀ ọlọ́ṣẹ ń sáré kọjá níbí, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an ni ọjà wà. Eérú èèpo kòkó wà, ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà, ti imọ̀ ọ̀pẹ náà wà. Àwọ̀ àti òórùn ọṣẹ máa ń yàtọ̀ bí eérú bá ti yàtọ̀, ẹni tó dàgbà sídìí rẹ̀ sì mọ èyí tó ń wá. Ọ̀rọ̀ epo náà nìyẹn. Àdín àti epo àgbọn ló ń jẹ́ kí ọṣẹ hó yàà. Òrí kì í mú un hó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ara gbẹ jù lẹ́yìn ìwẹ̀. Tí o bá kọ̀wé báyìí, oníbàárà mọ ìdí tí èròjà kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí èyí tó kéré jù kẹ́yìn. Má fo òrí tàbí àgbọn bí wọ́n bá wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn kì í gba irú epo bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ pé wọn á jí iṣẹ́ rẹ wò, rántí pé orúkọ èròjà kọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ka “eérú kòkó” kò tíì mọ bí omi eérú ṣe gbọ́dọ̀ le tó, tàbí ìgbà tó yẹ kí ó sọ ìkòkò kalẹ̀.

Má ṣe: kọ “kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀”

Gbólóhùn yìí dùn lẹ́nu, àmọ́ irọ́ ni. Epo kì í dá di ọṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ pàdé ohun tó ń jẹni lọ́wọ́, ohun yẹn ló sì wà nínú omi eérú. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ lásán kan omi eérú tó le mọ ohun tí mò ń wí. Kọ́sítíìkì tí wọ́n ń rà lọ́jà náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ìyàtọ̀ tí oníbàárà máa fọwọ́ kàn ni pé ọṣẹ eérú máa ń rọ̀, ti kọ́sítíìkì máa ń le, ó sì ṣeé gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Nítorí náà, ohun tí o ṣe ni kí o kọ. Bí eérú nìkan ni, kọ pé: “Eérú nìkan la fi sè é, a kò fi kọ́sítíìkì kún un.” Bí o bá fi díẹ̀ kún un kí ó lè le tó láti gé, kọ ìyẹn náà. Ẹni tó ń bá oníṣòwò jà lórí kọ́sítíìkì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí wọn kò sọ fún.

Ṣe: sọ àléébù rẹ̀ kí oníbàárà tó rí i

Ohun mẹ́rin ló máa ń mú kí wọ́n dá ọṣẹ dúdú padà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó túmọ̀ sí pé ọṣẹ náà bàjẹ́.

Àkọ́kọ́, kì í dúdú bí èédú. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti kọfí ló máa ń ní. Bí o bá ti kọ “dúdú kirikiri”, tí ẹni náà wá tú nílọ́ọ̀nù tó rí nǹkan pupa rúsúrúsú, o ti di onírọ́. Èkejì, ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ike tó ní ìdérí ni kí wọ́n pa á mọ́ sí. Ẹ̀kẹta, nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè hù lójú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń kàn án, wọ́n á sì rò pé ó ti bu ni. Ẹ̀kẹrin, ó ń ta. Bí ó bá kan ojú ọgbẹ́ tàbí ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, wọ́n á mọ̀ ọ́n lára; bí wọ́n bá sì fi odindi rẹ̀ ha ojú dípò kí wọ́n kọ́kọ́ pa á hó lọ́wọ́, ojú á ta wọ́n.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba ẹ̀gbọ́n mi pé tí a bá kọ gbogbo èyí, kò sẹ́ni tí yóò rà á mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìpè ìbínú dín kù, àwọn tí kò lo ọṣẹ dúdú rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, torí ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé wọlé àti bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Má ṣe: sọ ọṣẹ di oògùn

“Ó ń wo làpálàpá.” “Ó ń pa irorẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.” “Ó ń mú ara mọ́ bíi ti òyìnbó.” Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ní Nàìjíríà, NAFDAC ló ń forúkọ ọṣẹ sílẹ̀ kí ó tó di títà, kò sì fẹ́ rí ìlérí ìwòsàn lára ohun ìṣaralóge. Bí o bá ń fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gan-an ló ń pinnu òfin tí yóò mú ọ. Lójú FDA, ọṣẹ tí wọ́n fi epo àti eérú sè, tí o sì pè ní ọṣẹ ìwẹ̀ lásán, ọṣẹ ni. Sọ pé ó ń mú ara dán, ó di ohun ìṣaralóge. Sọ pé ó ń wo àrùn, ó ti di oògùn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn. Ọṣẹ kan náà ni o. Ìlà kan ṣoṣo ló yàtọ̀.

Ohun tí o lè sọ kò kéré: ó ń fọ òróró kúrò lójú, ó ń hó nínú irun, kò sí lọ́fínńdà nínú rẹ̀. Ní ti ọmọ ọwọ́, èmi kì í kọ “ó dára fún ọmọ ọwọ́”. “Àgbàlagbà ló wà fún” ni mo máa ń kọ.

Ṣe: wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ tí o dì í

Ọṣẹ tó bá ń gbẹ ń fúyẹ́, èyí tó bá fa omi ń wúwo, nítorí náà ìwọ̀n ọjọ́ tí o sè é kò ṣeé gbára lé. Fi ohun tí ojú mọ̀ tì í lẹ́yìn, nítorí gíráàmù kò yé gbogbo èèyàn: “ó tó ìkúùkù àgbàlagbà.” Bí o bá fẹ́ sọ iye ọjọ́ tó ń lò, fún ẹni mẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sára ike. Èyí tó tètè tán jù ni kí o kọ.

Má ṣe: fi iye rẹ̀ pamọ́

“Ẹ wá gbọ́ iye rẹ̀ ní kọ̀rọ̀” ń lé èèyàn. Ọ̀pọ̀ á rò pé ìrísí àwọn ni o fẹ́ wò kí o tó dá iye lé e.

Ṣe: pè é ní orúkọ tí ẹni tó ń wá a mọ̀ ọ́n sí

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè tẹ `African black soap`. Ní Gánà, `alata samina` ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á sì gbọ́ “aláta” nínú orúkọ yẹn. Ní Bàhíà ní Bràsíìlì, `sabão da costa` ni, àwọn onísìn òrìṣà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Fi orúkọ tó bá ibi tí ò ń tà á sí mu kún “ọṣẹ dúdú”. Má fi rọ́pò rẹ̀.

Bí a ṣe tún tiwa kọ nìyí. “Ẹ” la fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀, nítorí “o” lẹ́nu ẹni tó ń gbowó kò dùn ún gbọ́:

“Ọṣẹ dúdú eérú kòkó, 250 gíráàmù, fún ara àti irun àgbàlagbà. Àdín, omi eérú èèpo kòkó àti òrí la fi sè é. A kò fi kọ́sítíìkì tàbí lọ́fínńdà kún un. Ó tó ìkúùkù àgbàlagbà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti kọfí, ó ń rùn bí èéfín díẹ̀, òórùn náà kì í sì í dúró sára. Ó rọ̀: ẹ bu díẹ̀, ẹ fi omi pa á lọ́wọ́ títí yóò fi hó, kí ẹ tó fi kan ara. Ẹ má fi sójú ọgbẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó wọ ẹyinjú. Ẹ pa á mọ́ sínú ike tó ní ìdérí. ₦2,000, owó ọlọ́kadà láàárín Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ àti àdúgbò yín ránṣẹ́, a ó gbé e dé láàárín ọjọ́ méjì.”

Má ṣe: fi ọ̀rọ̀ ìsè àná ta ìsè òní

Eérú ọ̀sẹ̀ yìí lè má rí bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ya àwòrán tuntun, ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ọṣẹ náà lọ́wọ́, kí o yí ohun tó bá ti yí padà. Nígbà kan tí èèpo kòkó wọ́n, eérú ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fi kún un, ọṣẹ náà sì pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A gbàgbé láti tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta ló ya àwòrán tiwọn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń bi í pé ọṣẹ ta ni wọ́n gbé wá fún àwọn.