Àdánù Ọdún Àkọ́kọ́ Kì í Ṣe Owó Ọwọ́: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Ilé Ìtura sí Ìdáàṣà

Lọ́dọọdún, ní oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ Ìjọ Kátólíìkì máa ń rọ́ lọ sí ihò àpáta Màríà ní Àrígbó, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà. Wọ́n ń wá láti gbogbo Bẹ̀nẹ̀ àti láti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, yàrá a sì wọ́n bí ojú. Ìlú náà tún wà ní oríta, níbi tí ọ̀nà tó ti Kútọnu bọ̀ ti pín sí ti Pàràkú àti ti Sávàlú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ ilé ìtura síbẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí ni ìwé ìṣirò tí wọ́n máa ń gbé fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kó dá owó sí i, pàápàá ìlà kan nínú rẹ̀, ìyẹn ìlà owó-orí.

Ìdí tí mo fi mú ilé ìtura ni pé àdánù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é sá fún. Ọ̀sẹ̀ ìrìnàjò mímọ́ yóò kún, ṣùgbọ́n oṣù Kejì àti oṣù Kẹta kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò kò tíì mọ ilé náà, síbẹ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́, iná mànàmáná àti èlé báńkì kò ní dúró dè wọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbà pé ilé ìtura kan, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́, pàdánù mílíọ̀nù 20 fáráǹkì sẹ́fà ní ọdún kìíní, mílíọ̀nù 12 ní ọdún kejì, mílíọ̀nù 4 ní ọdún kẹta. Ní ọdún kẹrin ó jèrè mílíọ̀nù 6, ní ọdún karùn-ún mílíọ̀nù 14, ní ọdún kẹfà mílíọ̀nù 20. Àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni, kì í ṣe ìwé ilé ìtura kankan.

Owó-orí èrè ilé-iṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 30% fún irú òwò yìí. Ẹni tó ṣe ìwé ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà á kàn kọ `=B12*30%` sí ìlà owó-orí, á sì fà á lọ láti ọdún kìíní dé ọdún kẹfà. Ní ọdún kìíní, kọ̀ǹpútà á gbé àmì àyọkúrò jáde: mílíọ̀nù 6 tó dà bíi pé ìjọba ló máa san án fún yín. Ọdún kejì á gbé mílíọ̀nù 3.6 jáde, ọdún kẹta mílíọ̀nù 1.2. Bí ìwé náà bá wá ro owó tó wọlé pọ̀ mọ́ra, mílíọ̀nù 10.8 ti wọ inú àpò ilé ìtura láàárín ọdún mẹ́ta, látọwọ́ ẹni tí kò ní san kọ́bọ̀.

Ilé-iṣẹ́ owó-orí kì í dá owó padà fún ẹni tó pàdánù. Ohun tí òfin gbà ni pé kí ẹ gbé àdánù náà síwájú, kí ẹ yọ ọ́ nínú èrè ọdún tó ń bọ̀, kí owó-orí ọdún yẹn lè dín kù. Ní ọdún kìíní sí ìkẹta, ohun tó yẹ kó wà lórí ìlà yẹn ni òdo, `=MAX(0;B12)*30%`, ìlà mìíràn ni kí ẹ sì máa ka àdánù tí ẹ gbé síwájú sí. Ìyàtọ̀ yìí ló ń pa ilé ìtura. Àṣìṣe náà kì í hàn nínú àròpọ̀ ọdún mẹ́fà, torí pé lápapọ̀ ìwé tí kò dára náà sọ pé owó-orí á jẹ́ mílíọ̀nù 1.2, èyí tí gbígbé àdánù síwájú láìní òpin náà á fún yín. Ìgbà ni irọ́ rẹ̀ wà. Ó fi mílíọ̀nù 10.8 sí àwọn ọdún tí owó ṣọ̀wọ́n jù, àwọn tó dá òwò náà sílẹ̀ á sì lọ yá owó tó kéré jù, wọ́n á parí ilé náà, wọn ò ní rí owó oṣù san ní ọdún kejì.

Èyí tó tún burú ni pé gbígbé àdánù síwájú ní Bẹ̀nẹ̀ ní òpin. Àdánù ọdún kan, títí dé ọdún kẹta tó tẹ̀lé e ni ẹ lè fi yọ èrè. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá ṣẹ́ kù ti kú. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá yẹ kó fiyè sí èyí gidigidi, nítorí pé láti 2007 ni Nàìjíríà ti mú òpin ọdún mẹ́rin tirẹ̀ kúrò fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Ìwé ìṣirò tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn kò ṣe é gbé kalẹ̀ ní Ìdáàṣà bẹ́ẹ̀.

Apá kan nínú àdánù wà tí òpin ọdún mẹ́ta yìí kò kàn. Ilé, ibùsùn àti ẹ̀rọ amúnáwá ń gbó lọ́dọọdún, oníṣirò owó sì máa ń kọ iye tí wọ́n fi dín kù sílẹ̀ bí ìnáwó. Bí ìdínkù-iye yìí bá bọ́ sí ọdún àdánù, a lè gbé e síwájú láìní òpin, lórí àdéhùn pé ó wà nínú ìwé ọdún náà gan-an. Ẹ jẹ́ ká ní ó jẹ́ mílíọ̀nù 5 lọ́dún ní ilé ìtura wa. Nínú mílíọ̀nù 20 ọdún kìíní, 5 jẹ́ ìdínkù-iye, 15 jẹ́ àdánù lásán. Ní ọdún kejì, 5 àti 7. Ní ọdún kẹta, mílíọ̀nù 4 náà lápapọ̀ jẹ́ ìdínkù-iye.

Ẹ wá wò ó bó ṣe ń lọ. Ní ọdún kẹrin, èrè mílíọ̀nù 6 pàdé àdánù lásán ọdún kìíní tó jẹ́ 15. A yọ 6, èrè di òdo, ó ku 9. Ọdún kẹrin yìí sì ni ọdún ìkẹyìn tí a lè lo àdánù ọdún kìíní, nítorí náà mílíọ̀nù 9 náà ti lọ. Ní ọdún karùn-ún, a fi 7 ti ọdún kejì yọ èrè 14, a sì mú 7 kún un nínú ìdínkù-iye tó jẹ́ 14 lápapọ̀. Ní ọdún kẹfà, 7 tó kù yọ èrè 20 sí 13, owó-orí á wá di mílíọ̀nù 3.9. Bí kò bá sí òpin ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 1.2 nìkan ni ilé ìtura ì bá san. Mílíọ̀nù 2.7 tó fi wọn jìnnà síra jẹ́ 30% mílíọ̀nù 9 tó kú sọ́wọ́ wa.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ gbọ́ mi yékéyéké. Nítorí pé báńkì fẹ́ rí ìwé tó dùn ún wò, àwọn kan máa ń fi ìdínkù-iye sílẹ̀ láìkọ ọ́ ní ọdún àdánù, kí àdánù náà lè kéré. Wọ́n rò pé àwọn á kọ ọ́ nígbà tí èrè bá dé. Ìdínkù-iye tí ẹ kò kọ sí ọdún rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ yẹn mọ́. Àwọn mìíràn kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò yà á sọ́tọ̀ nínú ìṣirò owó-orí, gbogbo àdánù wọn sì wà lábẹ́ ọdún mẹ́ta. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni tí kò yà á sọ́tọ̀ á san mílíọ̀nù 5.4 ní ọdún kẹfà dípò 3.9. Mílíọ̀nù 1.5 lọ nítorí ìlà kan tí wọn ò kọ. Ẹ bèèrè ìwé náà lọ́wọ́ oníṣirò owó yín lọ́dọọdún, kí ẹ rí i pé àdánù lásán àti ìdínkù-iye wà lójú méjì, pẹ̀lú ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹrin ni ìkéde èrè máa ń parí. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ kò jèrè, kí ẹ má wá kéde.

Òdo tí mo ní kí ẹ fi sí ìlà owó-orí náà kò sì mọ́ pátápátá. Owó-orí tó kéré jù wà, ó jẹ́ 1% owó tó wọlé, ẹni tó pàdánù náà ń san án. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Bí owó tó wọlé bá jẹ́ mílíọ̀nù 80, lẹ́yìn náà 90, 100, 110, ilé ìtura náà á ti san mílíọ̀nù 3.8 kó tó di ọdún kẹfà, nígbà tí àdánù ṣì ń bo gbogbo èrè rẹ̀. Àǹfààní gbígbé àdánù síwájú sì kéré sí i nítorí èyí. Ní ọdún karùn-ún, àdánù gbà yín lọ́wọ́ owó-orí mílíọ̀nù 4.2, ṣùgbọ́n ẹ san 1.1, nítorí náà 3.1 ni ẹ jèrè. Bí owó báńkì bá jẹ́ 10% lọ́dún, 3.1 ọdún karùn-ún kò tó mílíọ̀nù 2 lónìí. Ìyẹn ni iye tó yẹ kó wọ inú ìpinnu yín.

Ohun kan wà tí ẹ lè fi òtítọ́ ṣe. Bí ẹ bá rí i pé àdánù ọdún kìíní fẹ́ kú ní ọdún kẹrin, ẹ yẹ iṣẹ́ tí kò kánjú wò. Ká ní ẹ ti gbèrò láti fi mílíọ̀nù 5 kun ilé ní ọdún kẹrin, tí ẹ sì sún un sí ọdún karùn-ún. Èrè ọdún kẹrin á di 11, á lo 11 nínú 15, kìkì 4 ni yóò kú. Owó-orí ọdún kẹfà á wá sọ̀ sí mílíọ̀nù 2.4. Ìnáwó kan náà ni, ẹ kò fi ohunkóhun pamọ́, àkókò nìkan ni ẹ yí padà. Bí òrùlé bá ń jò, kò sí ọ̀rọ̀ nínú èyí.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé kékeré ńkọ́? Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó mílíọ̀nù 50 lọ́dún máa ń san owó-orí kan ṣoṣo tó dúró fún ọ̀pọ̀, ìyẹn 5% owó tó wọlé. Orí owó tó wọlé ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe orí èrè. Ilé ìsinmi oníyàrá mélòó kan tó gba mílíọ̀nù 30 á san mílíọ̀nù 1.5, ìbáà jèrè, ìbáà pàdánù. Kò sí àdánù tí ẹ máa gbé síwájú níbẹ̀ rárá. Bí ìwé ìṣirò tí wọ́n fi hàn yín fún ilé kékeré bẹ́ẹ̀ bá ní ìlà àdánù tó ń dín owó-orí kù, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.