Bí Ìlù Ṣe Máa Dún Ketekete Lórí Zoom

Ní sáà yìí, a fẹ́ fi Zoom fi ọ̀rọ̀ wá bàbá onídùndún kan lẹ́nu wò. Ìbàdàn ni bàbá wà, àwa wà ní Bìní níbí. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣàlàyé ètò rẹ̀.

Zoom máa ń jẹ́ kí ohùn èèyàn kọjá, á sì pa ariwo fáànù. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé dùndún ń sọ̀rọ̀! Ó lè kà á sí ariwo, kó gé e. Tí ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ bá sì ti sọnù, ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn, bí ìgbà téèyàn pe ọkọ̀ ní ọkọ́.

Torí náà, kí ọmọ bàbá ṣí Settings lórí kọ̀ǹpútà wọn, kó tẹ Audio, kó wá mú Original sound for musicians. Tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ lókè kó lè wà ní On. Ọ̀dọ̀ bàbá la ti ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, torí ibi tí ohùn ti ń jáde ni Zoom ti ń gé e.

Àmọ́ tí èyí bá ti wà ní On, Zoom ò ní bá wa pa ariwo mọ́. Àwa fúnra wa la máa wá ibi tó dákẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú yàrá. Tí ohùn bá ń dún padà, ẹ lọ sí yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì àti aṣọ, torí wọ́n máa ń gba ohùn mọ́ra. Kí yàrá náà ní sílìn, kí òjò orí páànù má baà borí ìlù. Ẹ gba iná sí kọ̀ǹpútà kíkún ṣáájú, kẹ́ ẹ lè pa jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Kí bàbá àti àwa lo íápíìsì, kí ohùn wa má baà padà wọ inú máìkì wọn.

Kí bàbá kọjú sí fèrèsé. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn sí i, ojú wọn á ṣókùnkùn, a ò sì ní rí ọwọ́ tó ń fún ọsán ìlù.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dán an wò. Kí bàbá fi ẹnu sọ gbólóhùn kan, kí wọ́n wá fi ìlù sọ ọ́. Ẹ gbọ́ bóyá òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bára mu. Tí ìlù bá ń ha, ó ti sún mọ́ máìkì jù, kí bàbá sún sẹ́yìn díẹ̀. Tó bá ń já lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí àwòrán náà sì ń dúró gbagidi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kí gbogbo wa tẹ Stop Video. Àwòrán ló ń jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì jù, ohùn ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ká má rí bàbá fún ìgbà díẹ̀ sàn ju ká má gbọ́ ohun tí ìlù wọn wí lọ.