Ọmọ Ọgọ́ta, Ìwé Mẹ́wàá

Ọmọ mi, wọ́n ní wọ́n gbé ọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Adégbayì, àti pé ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì rẹ, ìwé kíkà kò sì ju 10 lọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọmọ 35 ni kí tíṣà kan máa kọ́. Ṣùgbọ́n èrò inú kíláàsì kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún tó ṣáájú dé 811,000. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Jẹ́ kí n sọ bí o ṣe máa fi ìwé 10 kọ́ àwọn 60 yìí ní kíkà.

Má ṣe jẹ́ kí ọmọ mẹ́fà rọ̀gbà yí ìwé kan ká. Àwọn tó wà ní òdìkejì á máa wo ọ̀rọ̀ lódì, wọ́n á sì há ohun tí ẹnìkejì ń kà sórí. Mẹ́ta ló tó fún ìwé kan, kí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí ìwé wà níwájú ẹni àárín. Bẹ́ǹṣì 20 nìyẹn. Pín wọn sí méjì: mẹ́wàá sí apá ẹnu ọ̀nà, mẹ́wàá sí apá fèrèsé. Bí apá kan bá ń kàwé, kí èkejì máa kọ̀wé.

Ká ní ìṣẹ́jú 35 ni iṣẹ́ náà. Kí àwọn ọmọ tó wọlé, kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tó le nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sí ojú pátákó. Lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Bí ìwọ fúnra rẹ kò bá rí i kà dáadáa, nu ún, kí o kọ ọ́ tóbi sí i. Fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kọ́ gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Sọ iṣẹ́ apá kọ̀ọ̀kan tán kí ìwé tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, ọ̀rọ̀ rẹ kò ní wọ etí wọn mọ́.

Ìṣẹ́jú 13 ni ti apá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kan á ka gbólóhùn kan ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ẹnìkejì á gba èyí tó tẹ̀ lé e. Apá fèrèsé á kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún náà, wọ́n á sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn tiwọn. Ẹni tó bá tètè ṣe tán, kó ya àwòrán gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé ni kó kọjá sí òdìkejì, kì í ṣe ọmọ. Bí ọmọ 60 bá dìde lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Kọ nọ́ńbà sára ìwé kọ̀ọ̀kan, kí olórí bẹ́ǹṣì kan máa dáhùn fún un. Ìṣẹ́jú 13 mìíràn, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú mẹ́rin láti fi ìdáhùn hàn lójú pátákó, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé láti máàkì ara wọn.

Ìwọ ńkọ́? Dúró ti àwọn tó ń kàwé, kí ojú rẹ sì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé. Gbọ́ kíkà bẹ́ǹṣì mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan, kí o sì máàkì ìwé àwọn yẹn fúnra rẹ. Ọmọ 18 lóòjọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ mẹ́rin o ti gbọ́ gbogbo wọn. Bí ọmọ bá ń kà já gaara, fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ìparí gbólóhùn, kí o máa padà sẹ́yìn. Ẹni tó há a sórí á dúró ṣìn-ìn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí o gbé sáàárín fún ọ̀sẹ̀ kan, níbi tí ojú ìwé ti kọjú sí i.

Ariwo á wà. Ti iṣẹ́ máa ń wà káàkiri ní ìwọ̀n kan náà. Ti eré máa ń ti igun kan jáde. Rìn lọ sí igun náà láìsọ̀rọ̀. Bí o bá pariwo lé wọn lórí, wọ́n á gbé ohùn sókè ju tìrẹ lọ.

Bí ìwé bá dín sí márùn-ún, kọ ẹ̀kọ́ náà gàdàgbà-gàdàgbà sí ẹ̀yìn bébà àpò sìmẹ́ǹtì, kí o so ó mọ́ ògiri fún ìdajì àwọn tó ń kàwé. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó lè gbé e lọ sílé. Nítorí náà, máa kọ orúkọ àwọn tó kùnà ìdánwò ìka yẹn sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí o bá fẹ́ bèèrè ìwé sí i lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ òbí, àkọsílẹ̀ yẹn ni kí o gbé síwájú wọn.