Ìwé Pélébé Tí Oníbàárà Lè Yẹ̀ Wò: Ohun Tí Ìyẹ̀fun Ẹ̀gẹ́ Kọ́ Mi ní Emùré-Èkìtì

Nígbà ìsinmi tó kọjá, màmá kan tó ń ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ní Emùré-Èkìtì pè mí. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń kọ́, ó sì fẹ́ kí n kọ ìwé pélébé, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní búróṣọ̀, tí yóò fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní Àkúrẹ́ àti Adó. Mo jókòó, mo kọ ọ́ bí ìgbà tí mò ń ki oríkì: ìyẹ̀fun wa kò lẹ́gbẹ́, ó funfun bí owú, àwọn ọ̀mọ̀ràn ló ń ṣe é. Wọ́n tẹ 200 ẹ̀dà. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè, ìbéèrè rẹ̀ sì ni: "Ṣé láfún ni àbí kí ni?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Kò sí ibì kankan nínú ìwé mi tí ènìyàn ti lè mọ̀ pé kì í ṣe láfún. Láfún ni èyí tí a rẹ títí tó fi kan, òórùn rẹ̀ sì máa ń dé inú búrẹ́dì. Èyí tí màmá ń ṣe kì í kan rárá: láti ìgbà tí wọ́n bá ti wú ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Ẹ̀gẹ́ tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń yí àwọ̀ padà nínú, ìyẹ̀fun rẹ̀ á sì pọ́n. Wákàtí yẹn gan-an ló yẹ kó wà níwájú ìwé náà, kì í ṣe owú.

Ẹni tó ń ra ọjà fún ilé-iṣẹ́ kì í ra bíi ti ẹni tó ń ra gààrí lójú pópó. Ó ní ọ̀gá tí yóò bi í pé kí ló dé tó fi yí olùtajà padà, nítorí náà ohun tó ń wá nínú ìwé pélébé ni gbólóhùn tí òun náà lè tún sọ fún ọ̀gá láìtijú. Ìdánwò kan wà tí mo ń lò báyìí fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ṣé ó lè já sí irọ́? "Kò lẹ́gbẹ́" kò lè já sí irọ́, torí kò sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n. "Omi tó kù nínú rẹ̀ kì í ju 12% lọ" lè já sí irọ́, ìdí nìyí tó fi ní ìwúlò.

Ẹ jẹ́ ká wo omi yẹn dáadáa, torí òun ni ìwé tuntun náà dúró lé lórí. Bí omi bá pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun, á dì wúlúwúlú nínú àpò, á bu, á sì kan. Ìlànà Kódẹ́ksì, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fi 13% ṣe òpin fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, ó sì ní májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Bí wọ́n ṣe ń wọn omi kò le: ẹ wọn gíráàmù 10, ẹ gbé e sínú ààrò tó gbóná tó 105°C, ẹ tún un wọ̀n títí tí ìwọ̀n náà kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Bó bá ku gíráàmù 8.9, gíráàmù 1.1 ló bá afẹ́fẹ́ lọ, ìyẹn 11%.

Màmá ní ìwé ìdánwò kan tó rí 10.4%, ó sì fẹ́ kí n kọ ọ́ nìkan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ lé ara wọn rí 10.4, 11.0, 11.2, 11.6 àti 12.3. Èyí tó kẹ́yìn kọjá òpin tí àwọn fúnra wọn là sílẹ̀, wọ́n sì dá a padà sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó dì í. Mo kọ márààrún sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà tó wà lára àpò kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ bà mí lọ́jà jẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Ẹni tó bá rí 10.4 nìkan á rò pé ẹ ṣà á jọ ni."

Ibi ìlànà iṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ gírámà ti wọlé, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi á sì gbádùn èyí. Gbólóhùn mi àkọ́kọ́ ni "Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa." Ta ni "wọ́n"? Nígbà wo ni "máa ń"? Ní Yorùbá, "wọ́n" tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni ni a fi ń ṣe iṣẹ́ tí èdè mìíràn fi ọ̀rọ̀-ìṣe àìlólùṣe ṣe, ó sì rọrùn láti sápamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo yí i padà sí: "Kí a tó di àpò kankan, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ń wọn omi inú rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ sí ìwé." Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ léra náà sì bá iṣẹ́ yìí mu gan-an: a bó o, a fọ̀ ọ́, a rìn ín, a fi jáàkì fún omi rẹ̀, a gbẹ ẹ́, a lọ̀ ọ́, a kù ú. Ohun tí mo fi kún un ni àkókò, àti ibi méjì tí wọ́n ti ń dá iṣẹ́ dúró bí nǹkan kò bá dára: lẹ́yìn fífún àti lẹ́yìn gbígbẹ.

Èsì ló kù. Alábúrẹ́dì kan fi ìyẹ̀fun náà gbìyànjú, ó sì gbà kí a kọ ohun tó rí, láìdárúkọ òun. Ó po kìlógíráàmù 5 mọ́ 45 ti wíìtì, ìyẹn 10%, ìwọ̀n tí ìjọba Ọbásanjọ́ ti fìgbà kan pa láṣẹ fún àwọn ọlọ́lọ. Búrẹ́dì náà wú bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi 10 mọ́ 40, ó rẹlẹ̀, ó sì ń fọ́ lọ́wọ́. Kò yani lẹ́nu: ẹ̀gẹ́ kò ní èyí tó wà nínú wíìtì tó ń mú ìyẹ̀fun tó a pò fà bíi rọ́bà. A kọ méjèèjì. Màmá tún bínú, lẹ́yìn náà ó ní kí n fi gbólóhùn kan kún un: "Fún búrẹ́dì, a kò gbà yín nímọ̀ràn kọjá 10%."

Ìwé náà jẹ́ bébà kan tí a ká sí mẹ́ta. Ojú àkọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń tà, fún ta ni, àti ìwọ̀n àpò. Nọ́ńbà NAFDAC wà níbi tí ojú á ti tètè rí i. Kò sí àwòrán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àwòrán ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ni mo fi síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo kán sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n tẹ 60 péré lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tó ń ra ọjà fún ilé-iṣẹ́ bisikíìtì pè. Kò béèrè iye owó. Ó ní, "Mà, iṣẹ́ 12.3 yẹn, kí lẹ ṣe sí i?" Màmá ṣí ìwé, ó wo ọjọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un.