Bí A Ṣe Gba Ohùn Yánníbo Láti Kàbà

Nígbà ìsinmi tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ṣe kátúùnù kékeré nípa Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ya àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Èmi wà nílé wa ní Lọ́kọjá, ọ̀rẹ́ mi wà ní Kàbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ìyá àgbà yìí ló sì gbà láti ṣe ohùn Yánníbo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n lọ sí oko, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé.

Nínú kátúùnù, ohùn ló máa ń ṣáájú àwòrán. Bí ẹ bá wo Iwájú, tí Kúgálì àti Dísínì gbé jáde ní 2024, ẹnu Tọlá àti Kọ́lé ń tẹ̀lé ohun tí òṣèré sọ. Tí ohùn bá ti bàjẹ́, àwòrán kò lè tún un ṣe.

Ní ọjọ́ kìíní, mo pè wọ́n lórí fóònù, mo sì gba ìpè náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Àṣìṣe ńlá nìyẹn! Fóònù máa ń gé ohùn kù kó lè tètè dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì ń já. Ohùn ìyá wá dà bí ẹni tó wà nínú agolo. Lọ́jọ́ kejì a lo fóònù méjì ní Kàbà. Ọ̀kan wà fún ìpè, ìyá fi ìyarí etí rẹ̀ sí etí kan kí ohùn mi má bàa wọ inú èkejì. Èkejì kò ṣe nǹkan mìíràn ju kó gba ohùn sílẹ̀ lọ.

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la bẹ̀rẹ̀, kí ooru àti jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó dé. Ọ̀rẹ́ mi pa fáànù àti fíríìjì, ó gbé fóòmù kan dúró lẹ́yìn ìyá, ó sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ síwájú wọn. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí ìró bá ṣì ń dún lẹ́yìn àtẹ́wọ́, yàrá yẹn ṣófo jù, ẹ kó aṣọ sí i. Ó gbé fóònù sí ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan sí ẹnu, ṣùgbọ́n sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu yín, kí ẹ sọ "fẹ́fẹ́": atẹ́gùn tí ẹ gbọ́ lára yẹn ló ń dún "búù" nínú ohùn tí fóònù bá wà níwájú gan-an. Tí orí ìlà ohùn lójú fóònù bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ohùn ti pọ̀ jù. Ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ tún un ṣe, nítorí kò sí àtúnṣe fún un.

Kí ìyá tó sọ̀rọ̀, gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi dí àlàfo àárín ọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ó tún fi han Audacity kó lè mọ ariwo tó máa yọ. Díẹ̀ ló yọ ṣá, torí tí a bá yọ ọ́ jù, ohùn á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú omi.

Ọ̀rọ̀ Yánníbo ni: "Ọkọ mi, ọkọ̀ ti dé!" Ìjàpá wà ní òdìkejì odò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ìparí 'ọkọ̀' sókè kó dùn." Ìyá gbìyànjú rẹ̀, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín: "Ọkọ ti dé kẹ̀? Ọkọ méjì lo fẹ́ fún mi ni?" Mo ti ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́! Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ìyá.

Mo wá yí ọ̀nà padà. N kò sọ bí wọ́n ṣe máa gbé ohùn mọ́. Mo ní, "Mà, odò yẹn fẹ̀, ọkọ yín kò gbọ́, inú yín sì ń dùn." Wọ́n gbé gbogbo ohùn sókè lápapọ̀, wọ́n fa "mi" gùn, "ọkọ̀" sì wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbà á, ọ̀rẹ́ mi sì ń pe iye rẹ̀ ṣáájú: "ìkíní", "ìkejì". Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń ka ení, èjì kí n tó fọhùn, torí ìpè máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ìkẹta la lò.

Ọ̀rẹ́ mi fi fáìlì náà ránṣẹ́ lórí wàásápù nípa Document, kì í ṣe bí ohùn lásán, torí ìyẹn máa ń fún ohùn pọ̀. Ìyá lọ sí oko ní ọjọ́ kejì, ohùn wọn sì ti wà lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ fún yín: ẹ gba "Ọkọ mi, ọkọ̀ ti dé" sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pariwo. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ láìrí yín, kó sọ ohun tó dé. Tó bá ní ọkọ méjì ni, ẹ tún un gbà.