Kí Ìwé Ẹ̀kọ́ Wa Má Baà Dúdú Mọ́ Wa Lọ́wọ́: Bí A Ṣe Ń Tẹ Síláìdì fún Ọmọ Ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kan àwọn akọ̀wé tó ń ṣètò ìpàdé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tó ń gba ìwé lọ sílé náà.

Olùkọ́ tó bá wá bá wa nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri ló máa ń gbé wá. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan tó ń hàn lára ògiri yẹn ni wọ́n ń pè ní síláìdì. Lára ògiri, ó máa ń dùn ún wò: ilẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ búlúù, lẹ́tà á funfun, pupa níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oní-fọ́tókọ́pì, tó jẹ́ dúdú àti funfun nìkan ni ẹ̀rọ rẹ̀ mọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ àwọn oníṣòwò ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní olùkọ́ ní síláìdì 24 lórí bí kòkòrò kò ṣe ní jẹ ẹ̀wà, tí ọmọ ẹgbẹ́ 60 sì máa gba ìwé. Nínú ọ̀kan lára àwọn síláìdì náà, ó to nǹkan sí ọ̀nà méjì. Èyí tó fi pupa kọ ni ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé ìdí ẹ̀wà rárá, irú bí òògùn ẹ̀fọn olómi tí àwọn kan máa ń wọ́n sí i. Èyí tó fi àwọ̀ ewé kọ ni ohun tó ṣeé lò, irú bí àpò oníìpele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀. Kò kọ nǹkan kan sórí wọn, àwọ̀ nìkan ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀rọ dúdú-funfun kò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé. Bí àwọ̀ kan ṣe mọ́lẹ̀ tó tàbí bó ṣe ṣókùnkùn tó ló ń wò. Pupa fòò àti ewé tó dúdú díẹ̀, bákan náà ni wọ́n ń rí lójú rẹ̀, eérú kan náà ni yóò fi tẹ méjèèjì. Obìnrin tó bá gbé ìwé yẹn délé pé kí ọmọ òun kà á fún òun, òògùn ẹ̀fọn àti àpò ni yóò gbọ́ pọ̀ bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ ò rí i pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà! Kí a tó tẹ ohunkóhun, ẹ ní kí olùkọ́ kọ MÁ LÒ Ó sórí ọ̀kan, kó kọ LÒ Ó sórí èkejì. Bó bá sì ya àwòrán róbótó tí wọ́n pín bí àkàrà òyìnbó, orúkọ àti iye ìpín kọ̀ọ̀kan ni kó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìpín náà gan-an, kó má fi àwọ̀ ṣe àmì.

Ó wá ku títẹ̀. Bó bá jẹ́ PowerPoint ni wọ́n fi ṣe é, ẹ ní kí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ File, kó tẹ Print. Yóò rí ibi tí wọ́n kọ Color sí. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ṣebí ẹ̀rọ àwọn kò ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bó bá wà ní Color, ẹ̀rọ yóò sọ ilẹ̀ búlúù yẹn di dúdú tàbí eérú ṣíṣú, yóò mu yíǹkì bí ẹni mu omi, lẹ́tà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á sì dí. Bí wọ́n bá yí i sí Grayscale, PowerPoint fúnra rẹ̀ ni yóò yọ ilẹ̀ síláìdì kúrò, bébà á funfun, lẹ́tà á di dúdú. Pure Black and White tún lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn àpótí tí wọ́n kun nínú síláìdì náà á di funfun, ìlà etí wọn nìkan ni yóò kù. Fọ́tò àti àwòrán ìpín yóò ṣì ní eérú nínú méjèèjì. Ìwé tí a fẹ́ fi ṣe fọ́tókọ́pì, Pure Black and White là ń fẹ́, nítorí pé eérú fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń di tótòtó bí a bá ṣe é ní fọ́tókọ́pì.

Nǹkan kan wà tí èyí kò lè tún ṣe o. Bí olùkọ́ bá gbé fọ́tò dúdú kan lé orí síláìdì, tó wá kọ̀wé sórí fọ́tò náà, fọ́tò yẹn kò ní kúrò, lẹ́tà á sì di dúdú lórí dúdú. Kí bébà tó ṣòfò, kí ọmọ náà tẹ View, kó tẹ Grayscale, kó wo síláìdì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí fọ́tò bá bò, kó tẹ fọ́tò náà, kó mú Don't Show. Back To Color View ni yóò fi padà, àwọ̀ tara ògiri kò ní bàjẹ́.

Ní ti bébà, bí a bá tẹ síláìdì kan sí bébà kan, 24 fún ènìyàn 60 jẹ́ bébà 1,440. Ìdì bébà kan jẹ́ 500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdì 3 nìyẹn. Nítorí náà, ní ibi tí wọ́n kọ Full Page Slides sí, ẹ ní kó mú ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ Handouts. Àwọn kan á sáré mú 6 Slides. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀! Síláìdì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 34 ni wọ́n fún mọ́ nǹkan bí 8 yẹn, lẹ́tà 24 á di bíi 6. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn nínú ìsọ̀? 3 Slides kò sì jẹ́ kó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà tí a lè kọ nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fi kún un. 2 Slides ni lẹ́tà ti máa ń tó bíi 10, òun la fara mọ́.

Ká má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo síláìdì ló yẹ ní títẹ̀. Èyí tó ní orúkọ olùkọ́, èyí tó sọ pé ẹ ṣé, èyí tó sọ pé ìbéèrè dà, kí ni a fẹ́ fi wọ́n ṣe nílé? Bó bá jẹ́ 16 ló wúlò nínú 24 yẹn, nínú àpótí Slides, nọ́ńbà wọn ni wọ́n á tẹ̀ síbẹ̀, irú bí:

```
2-9,12-19
```

Méjì-méjì, 16 di ojú ìwé 8. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, bébà 4 ni fún ẹnì kan, 240 fún ènìyàn 60. Kò tó ààbọ̀ ìdì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oní-fọ́tókọ́pì dà yín láàmú: ojú ìwé ni púpọ̀ wọn ń gba owó lé, kì í ṣe bébà. Ojú 480 ni wọ́n máa kà dípò 1,440. Ẹni tó bá gbé bébà tirẹ̀ lọ ló lè ní kí wọ́n dín owó kù, kó sì mú oní-80 gíráàmù, nítorí tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn hàn níwájú.

Ẹ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo ná, kí ẹ ṣe é ní fọ́tókọ́pì ẹyọ kan. Ẹ gbé fọ́tókọ́pì náà fún ìyá kan nínú ìsọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣàlàyé fún un, ẹ ní kó fi ìka tọ́ka sí ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé ìdí ẹ̀wà. Bí kò bá lè kàwé, ẹ ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí. Bó bá tọ́ka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ní kí wọ́n lọ tẹ 60. Bó bá ń wá a kiri, ẹ dá ìwé padà fún olùkọ́. Ẹ fi ojúlówó èyí tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ pamọ́ sínú ọ̀rá, lọ́wọ́ akọ̀wé, kó jẹ́ pé òun ni a ó máa fi ṣe fọ́tókọ́pì nígbàkígbà, nítorí fọ́tókọ́pì tí a bá tún fi ṣe fọ́tókọ́pì, ṣíṣú ló máa ń ṣú sí i.