Ìwé Ìsọdọ̀tun Àdéhùn: Ibi tí "Di", "Kún" àti "Kù" ti ń Ṣini Lọ́nà

Ìwé ìsọdọ̀tun àdéhùn tó mú àyípadà owó tàbí ìlànà dání gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ ohun mẹ́ta: ọjọ́ tí àdéhùn ìṣáájú parí, ohun tó yí padà, àti ìgbà tí òun gbọ́dọ̀ fèsì. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kéékèèké ló sábà máa ń ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò kì í ṣe ìtàn ilé-iṣẹ́ kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣòro láti rí ní Fate, nílùú Ìlọrin. Ilé-iṣẹ́ ìmọ́tótó kan tó ní òṣìṣẹ́ tó lé ní ọgbọ̀n ń rán àwọn mẹ́fà lọ sí ilé-ìwé aládàáni kan, ó sì ti ń bá ilé-ìwé náà ṣiṣẹ́ láti ọdún 2019. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦290,000 lóṣù: ₦180,000 fún owó oṣù àwọn mẹ́fà náà, ₦110,000 fún ọṣẹ, ọkọ̀ àti alábòójútó. Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 láti ₦30,000. Òfin náà kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó de èyí. Owó oṣù àwọn mẹ́fà wá di ₦420,000, ó sì ju gbogbo owó tí ilé-ìwé ń san lọ. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ yóò parí ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 2024. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ilé-iṣẹ́ náà jókòó láti kọ̀wé.

Àkọlé ni wàhálà ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ "Ìfàgùn Àdéhùn" ti sọ pé àdéhùn àtẹ̀yìnwá náà ló ń gùn sí i, pẹ̀lú owó rẹ̀ àti ìlànà rẹ̀. Bí owó bá máa yí padà, "Ìsọdọ̀tun Àdéhùn" ló bá a mu, nítorí ohun tí a sọ dọ̀tun lè ní ara tuntun. Ṣùgbọ́n àkọlé nìkan kò tó. Ìwé náà gbọ́dọ̀ fi gbólóhùn kan kún un pé gbogbo ìlànà tí a kò dárúkọ níhìn-ín dúró bó ṣe wà. Bí kò bá sí èyí, oníbàárà lè rò pé gbogbo àdéhùn ọdún márùn-ún ti wó, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà lórí ọṣẹ àti kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí.

Gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa ń kọ ni "A kábàámọ̀ láti sọ fún yín pé owó iṣẹ́ yóò lọ sókè." Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló bí i. Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tó kábàámọ̀ ni ẹni tó mọ̀ pé òun ṣe ohun tí kò yẹ. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ san owó tí òfin là sílẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìkíni kúkúrú ló yẹ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. A dúpẹ́ pé ẹ fi iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé-ìwé yín sí wa lọ́wọ́ láti ọdún 2019." Kí ọ̀rọ̀ owó tẹ̀ lé e. Bí oríyìn bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí á ti fura pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀.

Ibi tó le jù lọ ni iye. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ dábàá pé kí òṣìṣẹ́ márùn-ún máa wá dípò mẹ́fà, kí owó wá jẹ́ ₦460,000: ₦350,000 fún àwọn márùn-ún, pẹ̀lú ₦110,000 ti tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé kan lè kọ ọ́ báyìí: "A ó fi ₦460,000 kún owó iṣẹ́, a ó sì dín òṣìṣẹ́ márùn-ún kù." Ohun tó kọ yìí ni pé owó yóò di ₦750,000, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò sì ṣẹ́ kù. "Fi kún" ń sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó méjèèjì. "Di" ló ń sọ ibi tí owó dé. "Dín kù" náà, ohun tó lọ ni iye tó bá tẹ̀ lé e ń kà. Gbólóhùn tó tọ́ ni: "₦290,000 tí ẹ ń san lóṣù yóò di ₦460,000. Nínú òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń wá, márùn-ún ni yóò máa wá." Nígbà tí iye ti tẹ́lẹ̀ àti iye tuntun bá jọ wà nínú gbólóhùn kan, àṣìṣe kò ríbi fara pamọ́ sí.

A sì gbọ́dọ̀ sọ bóyá owó orí ọjà, ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wà nínú iye náà tàbí ó wà lọ́tọ̀. Bí ó bá wà lọ́tọ̀, ₦34,500 ni, owó tí ilé-ìwé yóò yọ sílẹ̀ sì jẹ́ ₦494,500. Kí a kọ owó ní òǹkà àti ní ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà lè pe ₦460,000 ní ọ̀kẹ́ mẹ́tàlélógún, kò sì ṣì í, ṣùgbọ́n akọ̀wé owó tó kéré lọ́jọ́ orí kì í fi ọ̀kẹ́ ṣírò mọ́. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀tàlénírínwó náírà" ló dára jù nínú ìwé.

Nítorí pé ìdábàá ni, "a ti sọ owó di" kò tọ́. Ó ti fi ìdábàá ṣe ìpinnu. "À ń dábàá pé kí owó náà di" ló fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn. Oníbàárà tó ti pẹ́ yóò fẹ́ràn kí a fi ọ̀nà kejì hàn án: bí ilé-ìwé bá fẹ́ kí àwọn mẹ́fà ṣì máa wá, owó yóò di ₦530,000.

Ọjọ́ ìdáhùn tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọjọ́: ọjọ́ mẹ́jọ òní, bí òní bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni. Bí ìwé ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá bá ní "kí ẹ fèsì ní ọjọ́ márùndínláàádọ́ta òní", ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá ni yóò jẹ́ fún ẹni tó ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ 15 fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Kí a kọ ọjọ́ gan-an: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ìdáhùn yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 2024 tó parí." Bákan náà, "títí di ọjọ́ 31" kò sọ bóyá òṣìṣẹ́ yóò wá lọ́jọ́ náà, "ọjọ́ 31 ni ọjọ́ ìkẹyìn iṣẹ́" sọ ọ́.

Ó ku gbólóhùn tí àwọn akọ̀wé fẹ́ràn: "Bí a kò bá gbọ́ lọ́dọ̀ yín, a ó gbà pé ẹ ti fọwọ́ sí i." Kí a yọ ọ́ kúrò. Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò ní ó ti gbà. Òfin àdéhùn tí Nàìjíríà jogún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ bẹ́ẹ̀: nínú ẹjọ́ kan ní 1862, ọkùnrin kan kọ̀wé sí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ pé bí òun kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹṣin rẹ̀ ti di tòun, ilé-ẹjọ́ sì ní ìdákẹ́ kò sọ ẹṣin di tirẹ̀. Ohun tó yẹ kí a kọ ni: "Bí a kò bá rí ìdáhùn yín gbà, iṣẹ́ wa yóò dúró ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 2024." Lẹ́yìn náà, kí ilé-iṣẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró lóòótọ́, torí bí wọ́n bá ṣì ń wá ní oṣù kìn-ín-ní láìsí ìwé tuntun, ₦290,000 ni ilé-ìwé yóò ní òun mọ̀.